Ìwé mẹ́rin ni wọ́n béèrè, mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi: báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà náà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé ìgbélùú ọkọ mi wò ní kí n fi ohun mẹ́rin ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 28: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé owó oṣù mi fún oṣù mẹ́ta, ìwé àdéhùn ilé, àti lẹ́tà báńkì. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ló wà lórí lẹ́tà wọn, ọjọ́ 10 ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọjọ́ 12 ni mo béèrè ti báńkì, wọ́n sì kọ̀wé pé tàwọn ò lè jáde ṣáájú ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Gbogbo ìwé tí ẹ béèrè ló wà nínú ímeèlì yìí." Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Táyọ̀: Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ yín ni wọ́n máa ń kà á. Ó di ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin. Ẹ bẹ báńkì kí wọ́n yára díẹ̀.

Àǹtí Ṣadé: Táyọ̀, àwọn kan ń kà á bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn. Ìyá Ìbejì, ẹ tún ìpínrọ̀ yẹn kà. Kí ni wọ́n kọ síwájú "ọjọ́ 28" àti lẹ́yìn rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: "Láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yìí." Áà! Àyà mi já.

Àǹtí Ṣadé: Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta nìyẹn. Ẹ má dúró de báńkì. Ẹ má sì kọ "gbogbo ìwé" nígbà tó jẹ́ mẹ́ta lẹ fi ránṣẹ́. Mo ti jókòó nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó máa ṣí fáìlì yín lè má jẹ́ ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn. Á gbé lẹ́tà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa fi bírò sààmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá débi ti ẹ̀kẹrin tí kò rí nǹkan kan, tí ẹ ò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ó lè fi èyí tó wà nílẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Torí náà, bí wọ́n ṣe tò ó ni kí ẹ̀yin náà tò ó, kí ẹ lo nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì kọ iye ojú-ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Èdè ọ́fíìsì náà lẹ ó fi kọ ọ́ o, àmọ́ bó ṣe máa rí nìyí:

*Èsì sí lẹ́tà yín ti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Nọ́ńbà fáìlì wa nìyí. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta lẹ dá fún wa.*
*1. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó: ojú-ìwé 1. Ó wà níbí.*
*2. Ìwé owó oṣù fún oṣù Kejìlá, oṣù Kìíní àti oṣù Kejì: ojú-ìwé 3. Ó wà níbí.*
*3. Ìwé àdéhùn ilé: ojú-ìwé 6. Ó wà níbí.*
*4. Lẹ́tà báńkì: kò tíì sí níbí. Mo béèrè fún un lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹta. Báńkì ní yóò jáde lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹrin. Ìwé tí wọ́n fi jẹ́rìí sí i wà níbí, ojú-ìwé 1. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi di ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin.*

Akin: Èmi, wọ́n kọ̀ mí lọ́dún tó kọjá. Ṣé kí n kọ irú èyí láti fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?

Àǹtí Ṣadé: Rárá, Akin. Ìyẹn ní ọ̀nà tirẹ̀ àti gbèdéke tirẹ̀. Wo ẹ̀yìn lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ ẹ́.

Bàbá Dámi: Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ orúkọ oṣù, bí Ṣadé ṣe kọ ọ́ yẹn. Mo kọ 03/04 sórí tèmi nígbà kan, oṣù Kẹrin ni mo ní lọ́kàn. Wọ́n kà á sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, wọ́n ní mo ti pẹ́. Oṣù méjì ni mo fi ń ṣàlàyé. Ẹ yí orúkọ fáìlì náà padà kó bá nọ́ńbà inú lẹ́tà mu. Ta ló máa mọ ohun tó wà nínú `IMG_4471.jpg`?

Táyọ̀: Tí wọ́n bá ní àwọn kì í sún ọjọ́ ńkọ́?

Àǹtí Ṣadé: Àwọn kan kì í sún un lóòótọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹ fi àkọsílẹ̀ owó tó wọlé tó jáde ní báńkì kún un nísinsìnyí, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ nọ́ńbà 4 pé òun lẹ fi dípò kí lẹ́tà tó dé. Wọ́n lè gbà á, wọ́n lè má gbà á, ṣùgbọ́n àyè yẹn ò ní ṣófo.

Bàbá Dámi: Ṣé ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń wò, àbí ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn?

Táyọ̀: Ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́ ni.

Àǹtí Ṣadé: Mi ò lè búra sí ìyẹn fún ọ́fíìsì yìí. Èmi á ṣe é bíi pé ó gbọ́dọ̀ ti dé.

Ìyá Ìbejì: Mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ ṣeun gan-an. Nígbà tí mò ń ka ojú-ìwé ni mo rí i pé òǹtẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, mi ò sì ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú-ìwé 2 ni mo wá kọ.