Ẹ gbà mí, báwo ni mo ṣe máa sọ fún ẹ̀gbọ́n yìí pé mi ò ṣe, láì ti ilẹ̀kùn pa?

Fúnkẹ́ (Máńṣẹ́sítà):
Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, mi ò sùn lánàá. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, òun ló fa iṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kílíínìn mi, ló kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ pé ká da bísínẹ̀ẹ̀sì wa pọ̀. Òun á mú 60 nínú 100, èmi á mú 40, màá kó àwọn òṣìṣẹ́ mi wá, a ó jọ yá lóònù, èmi náà á sì buwọ́ lùwé bí onídùúró. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ èsì kó tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mi ò fẹ́. Mi ò fẹ́ lóònù yẹn rárá, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì máa pàṣẹ fún àwọn tí mo fọwọ́ ara mi gbà síṣẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ ṣì ń gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yìí wá, ta ló sì mọ̀, tó bá di ọdún méjì sí i ó lè jẹ́ èmi ni màá lọ bá a. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé lóṣù tó kọjá a jọ lọ rí kọ́sítọ́mà kan, ó ní "pátínà mi rèé", èmi sì kàn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n kọ báyìí?

Délé (Hiúsítìn):
Sísítà, má wulẹ̀ dáhùn. Má gbé fóònù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á yé e.

Ìyá Ìbejì (Lọ́ńdọ̀n):
Délé, ìwà ẹ ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fúnkẹ́, má gbọ́ tirẹ̀ o. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ba tèmi jẹ́. Ọkùnrin kan ní ká jọ ṣí ibi ìránṣọ, mi ò fẹ́, mo wá ń wá ọ̀rọ̀ dídùn tí màá fi sọ ọ́, mo wá a títí ó fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mi ò mọ̀ pé ẹlòmíì ti bẹ̀ ẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn pé òun fẹ́ bá a ṣe é, ó sì dá ẹni yẹn padà torí tèmi. Ọjọ́ tí mo wá sọ ọ́, ó wò mí báyìí, ó ní "o lè sọ èyí fún mi ní ọjọ́ kẹta." Pé mi ò ṣe kọ́ ló bí i nínú, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni. Ó dá ọjọ́ Àìkú fún ẹ, dáhùn kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Akin (Tòróńtò):
Kò le jù báyìí. Sọ fún un pé kò sówó lọ́wọ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹni tí kò lówó.

Bọ̀dá Wálé (Líìdì):
Akin! Ṣé o fẹ́ kí ojú ti ọmọbìnrin yìí ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká jọ máa kó ọjà, mo ní kò sówó lọ́wọ́ mi. Ó ní "kò burú, má mú kọ́bọ̀ wá, màá bá ẹ san án, tá a bá jèrè wàá dá a padà díẹ̀díẹ̀." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ìyàwó mi ò gbà. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó pe ìyàwó mi! Ìyàwó mi tí mi ò tíì bá sọ ohunkóhun! Ìyàwó mi ní "ìpàdé wo nìyẹn, ṣé èmi náà wà níbẹ̀ ni?" Kò pé oṣù kan sí ìgbà yẹn, mo ra ọkọ̀ fáànù, ọ̀rẹ́ mi bá mi níbi tí mo ti ń fọ̀ ọ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní "ó dáa o", ó sì ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́, ó parí síbẹ̀.

Akin (Tòróńtò):
Bọ̀dá, àṣìṣe yín ò ju pé ẹ fọ fáànù síta.

Bọ̀dá Wálé (Líìdì):
Rárá o. Àṣìṣe mi ni pé ohun tí mo sọ jẹ́ ohun tí òun lè bá mi tún ṣe. Tó o bá sọ ohun tí ẹni yẹn lè yanjú fún ẹ, o ò tíì kọ̀, ìdúnàádúrà lo bẹ̀rẹ̀. O ní owó ò sí, á wá owó. O ní àyè ò sí, á ní kó o máa wá lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tó bá jẹ́ ìpinnu tìẹ gan-an ni kó o sọ, tí kò sí nǹkan tó lè ṣe sí i, kó sì jẹ́ òótọ́, torí irọ́ á di dandan kó o máa rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pàdé.

Sadé (Bámíńgámù):
Tó bá rí bẹ́ẹ̀, lóònù yẹn ni kó dárúkọ. "Mi ò kì í ṣe onídùúró fún lóònù." Ó ti parí.

Ìyá Ìbejì (Lọ́ńdọ̀n):
Kò tíì parí. Tí ẹ̀gbọ́n bá ní "ó dáa, a ò yá lóònù mọ́" ńkọ́? Fúnkẹ́ ti sọ ọ́ lókè pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ òun. Ìyẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ lóònù nìkan ló dárúkọ, tí ẹ̀gbọ́n sì yọ ọ́ kúrò, kí ló kù tó fẹ́ sọ? Kó sọ pé òun fẹ́ máa dá ti òun ṣe. Kò sẹ́ni tó lè bá a yanjú ìyẹn.

Sadé (Bámíńgámù):
Ó máa dún bí ìgbéraga létí àgbàlagbà o, Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì (Lọ́ńdọ̀n):
Bó o bá ṣe sọ ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ẹniọlá (Dọ́bílìn):
Èmi náà wà nínú irú ẹ̀. Èmi àti pátínà mi ti ṣe é fún ọdún mẹ́rin, mo fẹ́ jáde, báwo la ṣe máa ń pín irinṣẹ́?

Sadé (Bámíńgámù):
Ẹniọlá, kò tíì wọlé rárá, ìwọ ti ń jáde. Ṣí tìẹ lọ́tọ̀.

Alàgbà Rótìmí (Lọ́ńdọ̀n):
Ẹ kú ìjíròrò. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ fi ohun tó léwu jù sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Fúnkẹ́, "pátínà mi rèé" yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o.

Akin (Tòróńtò):
Alàgbà, kò buwọ́ lu nǹkan kan. Láìsí ìwé, kò sí pátínà.

Alàgbà Rótìmí (Lọ́ńdọ̀n):
Bí èmi náà ṣe rò nìyẹn títí mo fi san owó lọ́yà. Òfin tí wọ́n ń lò fún pátínà níbí ti wà láti ọdún 1890, kò sì béèrè ìwé kankan. Tẹ́ ẹ bá ti jọ ń ṣòwò pa pọ̀ torí èrè, ó lè ti di pátínà. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń pe òun ní pátínà, tó sì gbà kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kan bá torí ẹ̀ tajà àwìn fún wọn, gbèsè yẹn kan òun náà. Tèmi nìyí: ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀ mí pé ká jọ ṣe é, mo ní "a ó máa wò ó." Ọmọlúàbí ni mo rò pé mo ń ṣe. Ó ń fi orúkọ mi gba ọjà lọ́wọ́ ẹni kan, mo mọ̀, mo sì dákẹ́, ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí owó ò wọlé, lẹ́tà dé ilé mi. Mo bọ́ níbẹ̀, àmọ́ owó lọ́yà ò padà sápò mi.

Délé (Hiúsítìn):
Níbí náà, ó fẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Mo fa ọ̀rọ̀ mi tàkọ́kọ́ sẹ́yìn. Kó dáhùn.

Sadé (Bámíńgámù):
Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ni ẹ̀gbọ́n ń lò ńkọ́, tí kì í ṣe pátínà lásán?

Alàgbà Rótìmí (Lọ́ńdọ̀n):
Ìyẹn lọ́tọ̀, lọ́yà ni kó bi. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ìkọ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn gbangba, kó sì wà nínú ìwé. Kó kọ́kọ́ pè é torí àgbà ni, kó wá fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpè náà.

Fúnkẹ́ (Máńṣẹ́sítà):
Ẹ ṣé Alàgbà. Mo ti kọ ọ́, ẹ bá mi wò ó:
"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an pé èmi lẹ ro ọ̀rọ̀ yìí kàn, mi ò gbàgbé ẹni tó fún mi níṣẹ́ àkọ́kọ́. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Fún ìsinsìnyí, mi ò ní lè bá yín dá a pọ̀, torí mo fẹ́ ṣì máa darí tèmi fúnra mi. Bóyá tó bá yá."

Bọ̀dá Wálé (Líìdì):
O gbìyànjú. Àmọ́ yọ "fún ìsinsìnyí" àti "bóyá tó bá yá" kúrò. Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n máa padà wá, á ní ìsinsìnyí ti kọjá.

Sadé (Bámíńgámù):
Ṣebí òun ló ní kí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí?

Bọ̀dá Wálé (Líìdì):
Ṣíṣí, kì í ṣe kó máa gbá fìẹ̀fìẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Kó sọ ìgbà tí wọ́n lè tún sọ̀rọ̀ àti ohun tí òun máa fẹ́ rí. Bíi kó ní "tẹ́ ẹ bá ti ṣe é fún ọdún kan."

Ìyá Ìbejì (Lọ́ńdọ̀n):
Kó ṣọ́ra níbẹ̀ o. Tó bá ní "tẹ́ ẹ bá ṣe é fún ọdún kan, màá wọlé", ó ti ṣèlérí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n á ṣe ọdún kan, á sì kan ilẹ̀kùn. Kó ní òun á jókòó bá a wò ó. Wíwò ló ṣèlérí, kì í ṣe wíwọlé. Kó sì fi nǹkan kékeré kan tí òun lè ṣe báyìí sí i, kí ọwọ́ má ṣófo.

Fúnkẹ́ (Máńṣẹ́sítà):
Ó ti yé mi. Ẹ wo ìparí rẹ̀ báyìí:
"Mi ò ní lè bá yín dá a pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti pinnu láti máa darí iṣẹ́ mi fúnra mi, mi ò sì ní yá owó sí i. Tí iṣẹ́ kan bá pọ̀ ju ọwọ́ yín lọ, mo lè gbà á ṣe lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí n máa fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ bí a ti ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é fún ọdún kan, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ká tún sọ̀rọ̀, màá jókòó tì yín ká jọ wo ìṣirò rẹ̀. Àwọn ìwé tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mi ò fi han ẹnikẹ́ni."

Bọ̀dá Wálé (Líìdì):
Èyí ló dáa. Orí ẹ pé.

Délé (Hiúsítìn):
Tí kò bá sí ohun tó kù, fún ẹ̀gbọ́n ní nọ́ńbà mi. Èmi á mú 40 yẹn.

Akin (Tòróńtò):
Ìwọ tó o ní kí wọ́n má gbé fóònù! Àwọn ará Hiúsítìn, tẹ́ ẹ bá rí owó lójú àlá, ẹ̀ ń jí pẹ̀lú àpamọ́wọ́.

Délé (Hiúsítìn):
Ó sàn ju Tòróńtò lọ, ibi tí yìnyín ti ń bá yín jíròrò bísínẹ̀ẹ̀sì. Ó kéré tán, oòrùn ń ràn níbí.

Sadé (Bámíńgámù):
Ẹ má dá sí Máńṣẹ́sítà, àwọn ò tíì rí oòrùn látìgbà tí Fúnkẹ́ ti dé ibẹ̀.

Fúnkẹ́ (Máńṣẹ́sítà):
Háà, Sadé, èmi náà ni!

Ìyá Ìbejì (Lọ́ńdọ̀n):
Ọmọ yìí, bí mo ṣe ka "ẹ̀gbọ́n mi" nínú mẹ́séèjì yẹn, nǹkan kan ṣe mí. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní nǹkan kan àyàfi orúkọ, orúkọ ọ̀hún náà wọ́n ń pè é bíi pé wọ́n ń jẹ okúta. Mo gbọ́ bí àwọn èèyàn mi ṣe máa ń pè é lórí fóònù lánàá, mo ní kí wọ́n tún un pè.

Alàgbà Rótìmí (Lọ́ńdọ̀n):
Ó ti pé ọdún 19 tí wọ́n ń pè mí ní "Rotímì" níbí. Mo ti ń dáhùn.

Bọ̀dá Wálé (Líìdì):
Háhàhá, Alàgbà! Tèmi ni "Wéèlì", bí ẹja inú òkun.

Fúnkẹ́ (Máńṣẹ́sítà):
Mo ti pè é, mo sì ti fi mẹ́séèjì ránṣẹ́. Lórí fóònù ó ní "kò burú" lẹ́ẹ̀mejì, èkejì kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sí mẹ́séèjì yẹn, àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló fi dáhùn. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Kọ́sítọ́mà tó gbọ́ "pátínà" yẹn ńkọ́, ṣé èmi ni kí n lọ tún un ṣe fún un ni àbí kí n ní kí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ sọ ọ́?

Akin (Tòróńtò):
Àtàǹpàkò tó dúró ṣánṣán àbí èyí tó tẹ̀?