Ọwọ́ kan ṣoṣo, fóònù gbàǹgbà: báwo lẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́?

Aránṣọ, Lágeere, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí, bóyá ó máa wúlò fún ẹlòmíì. Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú lọ́nà Sábó, ọrùn ọwọ́ òsì mi dá, wọ́n fi pí-ó-pí dì í, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 6 ló máa lò. Mo rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa yọ mí lẹ́nu jù, àṣé fóònù ni. Samsung onísìkíríìnì íǹṣì 6.7 ni tèmi, orí WhatsApp làwọn oníbàárà ti ń fi sítáì ránṣẹ́ sí mi, ibẹ̀ náà ni mò ń kọ ìwọ̀n ara wọn sí. Tí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan dì í mú, àtàńpàkò mi ò lè dé òkè lọ́hùn-ún, pàápàá igun òsì tí àmì ìpadà-sẹ́yìn wà. Mo wá ń fi ìka kékeré gbé ìdí fóònù, màá máa sún un sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ kí àtàńpàkò tó lè débẹ̀, bó ṣe yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta nìyẹn, ó bá sìmẹ́ǹtì, igun rẹ̀ kan sán.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bá mi wọ Settings, ó wọ Advanced features, ó tan One-handed mode. Bátìnnì mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ fóònù tèmi, ó ní kí n máa tẹ ti àárín lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Gbogbo sìkíríìnì bá kéré, ó sá lọ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, àtàńpàkò mi dé ibi gbogbo. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù náà kéré tẹ̀ lé e, ìyẹn ni mi ò tètè fura sí. Mo fẹ́ kọ àyà 38 fún ìyá kan, 28 ni mo kọ, torí 2 àti 3 ti fún mọ́ra wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tún ìwé wò kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kan léèsì onítọ̀hún. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ 3 kí wọ́n tú ọwọ́ mi, kí lẹ̀yin ń lò?

Ọmọ Ifẹ̀, Yunifásítì
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wo ọwọ́ yẹn sàn. Ẹ pa One-handed mode yẹn tì jàre, kíbọ́ọ̀dù tó ń léfòó lẹ máa lò. Lórí Gboard, ẹ tẹ àmì onígun mẹ́rin mẹ́rin tó wà lókè kíbọ́ọ̀dù, ẹ mú Floating, ó máa já kúrò nísàlẹ̀, ẹ wá dì í mú níbi ìlà kékeré tó wà nídìí rẹ̀, ẹ gbé e síbi tó bá wù yín. Òun ni mo fi ń ṣe asáínmẹ́ǹtì. Tí mo bá dá fóònù dùbúlẹ̀ kí n lè ka ìwé dáadáa, kíbọ́ọ̀dù tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ á gbà ju ìdajì sìkíríìnì lọ, mi ò ní rí ìbéèrè tí mò ń dáhùn mọ́, àmọ́ eléyìí kékeré ló jẹ́, mo máa sún un sí igun kan, mo sì ń ka ìbéèrè bí mo ṣe ń tẹ ìdáhùn. Ọwọ́ kan ló dára fún jù.

Tíṣà àná, Ilésà
Ẹ kú ìròyìn. Tèmi ni pé lẹ́tà inú fóònù kéré jù fún ojú mi, ọmọ mi ní Ìbàdàn sì sọ pé sẹ́tìn kan wà. Ṣé èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí náà ni? Mo ṣe bí aránṣọ ṣe sọ, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ tún kéré sí i, n ò mọ bí mo ṣe máa dá a padà.

Atún-fóònù-ṣe, Sábó, Ilé-Ifẹ̀
Bàbá, ẹ má bínú, ti yín yàtọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ibi tó ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìkíríìnì kékeré yẹn, ó máa padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Display, ẹ mú Font size and style, ibẹ̀ lẹ ti máa sọ lẹ́tà di ńlá.

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, ohun méjì ló dà pọ̀ lójú yín, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n fi ṣì. Kí ọwọ́ dé òkè jẹ́ ọ̀kan, kí ọwọ́ tẹ lẹ́tà jẹ́ ọ̀kan. One-handed mode ti Samsung ń sọ ohun gbogbo di kékeré papọ̀, ẹ lò ó kẹ́ ẹ fi tẹ nǹkan tó wà lókè, kẹ́ ẹ sì tètè jáde. Tó bá di ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí sìkíríìnì tóbi bó ṣe yẹ, kíbọ́ọ̀dù nìkan lẹ máa tì sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ Gboard, inú àmì onígun mẹ́rin mẹ́rin tí àbúrò wa sọ náà ni One-handed wà. Kíbọ́ọ̀dù á fà sápá ọ̀tún, ẹ ó rí àmì ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè gbé e lọ sí òsì. Ẹ ṣì máa rí ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń kọ ní lẹ́tà tó tóbi, ẹ ó sì tètè rí i tí 38 bá di 28.

Àbúrò, òótọ́ lo sọ nípa fóònù tó dùbúlẹ̀, mo gbà fún ẹ níbẹ̀. Àmọ́ ta ló ń fi ọwọ́ kan di fóònù tó dùbúlẹ̀ mú? Kíbọ́ọ̀dù tó ń léfòó, orí ohun tó wà lójú sìkíríìnì ló jókòó lé, kì í ti nǹkan sókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Lórí WhatsApp, ìdí pátápátá ni àpótí tí wọ́n ń kọ̀rọ̀ sí wà. Tó o bá gbé kíbọ́ọ̀dù sísàlẹ̀ kí àtàńpàkò lè dé e, ó bo àpótí náà mọ́lẹ̀, o ò ní rí ohun tó ò ń kọ. Tó o bá gbé e sókè kó o lè rí àpótí, àtàńpàkò ò dé e mọ́. Mo ti ń rí i dáadáa, àwọn èèyàn á gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kíbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́, pé ó ń rìn káàkiri, àṣé ọmọ ilé ló tẹ Floating. Mo kàn máa ń dì í mú níbi ìlà yẹn, màá fà á wálẹ̀ títí dé ìdí sìkíríìnì, ó máa lẹ̀ padà síbẹ̀.

Ìyá ọmọ tuntun, Òkè-Ọmirú, Ilésà
Òru lèmi ń lò ó, tí ọmọ bá ń mu ọmú, ọwọ́ ọ̀tún ti wà lábẹ́ orí rẹ̀, òsì ló ṣẹ́ kù. iPhone ni tèmi, Reachability ni wọ́n ń pe tiwọn, ó wà nínú Accessibility, lábẹ́ Touch. Mo máa fi ìka fa ìdí sìkíríìnì sísàlẹ̀ díẹ̀, òkè á sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Kì í sọ nǹkan di kékeré bíi ti aránṣọ, ìdajì tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń wọlẹ̀ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kì í pẹ́ tó fi ń padà sókè fúnra rẹ̀, nígbà míì kí n tó rántí ohun tí mo fẹ́ tẹ̀ ó ti lọ. Kíbọ́ọ̀dù ńkọ́, mo máa ń tẹ àmì ayé tàbí ti ẹ̀rín mọ́lẹ̀, màá mú èyí tó fà sí òsì.

Aránṣọ, Lágeere, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ ṣé o, ọ̀gá Sábó. Mo ṣe é láàárọ̀ yìí, kíbọ́ọ̀dù wà lápá ọ̀tún, sìkíríìnì tóbi, mo kọ ìwọ̀n èèyàn 4 láìṣì kankan. Mo tún wá so okùn mọ́ ẹ̀yìn páàkì fóònù, mo ń ki ìka bọ̀ ọ́, ẹ̀rù jíjábọ́ yẹn ti dínkù. Èyí tó kù ni apù báńkì mi. Tó bá kan kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí, kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ ló máa ń gbé jáde, ó fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kò ka ti Gboard sí. Nọ́ńbà 1 mi wà lápá òsì pátápátá.

Atún-fóònù-ṣe, Sábó, Ilé-Ifẹ̀
Òótọ́ ni, nọ́ńbà inú apù yẹn kì í ṣe ti Gboard, kò lè gbọ́ tirẹ̀. Níbẹ̀, ẹ padà sí One-handed mode ti Samsung, torí òun ló ń fa gbogbo nǹkan mọ́ra. Nọ́ńbà inú apù báńkì tóbi, ó ṣòro kó ṣì yín lọ́wọ́ tó ti kíbọ́ọ̀dù. Tàbí kẹ́ ẹ tan ìka títẹ̀ tí apù yín bá gbà á.

Ọmọ Ifẹ̀, Yunifásítì
Mo gbọ́ yín, ọ̀gá. Àmọ́ mo ṣì ń fi kíbọ́ọ̀dù tó ń léfòó tẹ WhatsApp nínú bọ́ọ̀sì láti géètì dé Lágeere, àárín sìkíríìnì ni mo gbé e sí, kò bo nǹkan kan fún mi. Bóyá ọwọ́ mi ló gùn.