Báwo ni ẹ ṣe ń yan ìwọ̀n àkọ́kọ́ fún δ?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin níbí ni mo wà, ìdánwò ìṣirò wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Ẹ̀rí limit pẹ̀lú ε àti δ ni mò ń kọ́. Ti x² tó ń lọ sí 9 bí x ṣe ń lọ sí 3 yé mi: |x² − 9| = |x − 3||x + 3|. Tí mo bá kọ́kọ́ ní kí |x − 3| < 1, |x + 3| ò ní tó 7, δ = min(1, ε/7) sì parí ẹ̀.

Àmọ́ fún 1/x níbi tí x ti ń lọ sí 1, ìwọ̀n 1 yẹn ò gbà rárá. Ó jẹ́ kí x lè sún mọ́ òdo, |x − 1|/|x| ò wá ní òkè tí mo lè dè é mọ́. Mo fi 1/2 rọ́pò rẹ̀: x ju 1/2 lọ, δ = min(1/2, ε/2) sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo kàn méfò ni o.

Tó bá wá jẹ́ 0.01 ni x ń lọ, kí ni ẹ máa wò kí ẹ tó yan ìwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn?

Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.