Mo kọ #Ibara, Jàpáánì ni mo bá ara mi

Aláṣọ Ìbarà
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé háṣítáàgì mélòó ló yẹ kí òun máa fi sábẹ́ ọjà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Àdìrẹ ni mò ń tà, ìsọ̀ mi wà ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta níbí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ Instagram, ọmọ kan tó ń bá mi ṣe é kó táàgì 30 jọ sínú fóònù mi, ó ní kí n máa lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo àwòrán. Bí mo gbé ìró ẹlẹ́kọ sókè, ọgbọ̀n yẹn náà ni. Bí mo gbé fìlà sókè, àwọn náà ni.

Àwọn tó ń fi ọkàn pupa sí i ń pọ̀, inú mi ń dùn. Àmọ́ ẹni tó máa béèrè pé "Mà, èló ni yáàdì márùn-ún?" kò yọjú. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, mo jókòó, mo ń tẹ àwọn táàgì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ àwùjọ tí mo kó ọjà mi lọ pàtẹ sí. Mo tẹ #Ibara. Jíìnsì ni mo rí, àti ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kà. Àṣé ìlú kan wà ní Jàpáánì, ní agbègbè Okayama, tó ń jẹ́ Ibara, iṣẹ́ jíìnsì ni wọ́n sì mọ̀ wọ́n mọ́. Mo tẹ #EGBA, ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni mo bá níbẹ̀, torí pé EGBA ni ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ń jẹ́. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni #kampala. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kámpálà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ń pe aṣọ yìí, wọn kì í ní àwọn fẹ́ àdìrẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó di Ùgáńdà: ọ̀kadà, ilé tí wọ́n ń tà, àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí.

Bọ̀dá Fọ́tò, Ṣápọ̀n
Ẹ̀gbọ́n mi, kékeré ni ẹ mú o. Ibi tí èrò wà ni kí ẹ lọ. #Nigeria, #fashion, #love, ẹ rọ́ wọn síbẹ̀. Táàgì ìlú ò tiẹ̀ wúlò mọ́, ẹ ṣáà yan Abẹ́òkúta níbi "Add location", ó tán.

Aláṣọ Ìbarà
Àbúrò, mo ti ṣe #fashion rí. Bí ìgbà tí èèyàn ju abẹ́rẹ́ sínú odò Ògùn ni. Kí n tó fi fóònù sílẹ̀, aṣọ àwọn ẹlòmíì ti bo tèmi.

Ọmọ Panṣẹ́kẹ
Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Fọ́tò tọ̀nà ní apá kan. "Add location" dára, kí ẹ máa lò ó. Àmọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀ ló ń ṣí, ilẹ̀kùn mìíràn ni táàgì ń ṣí, kò sì sí ohun tó ní kí ẹ má lo méjèèjì. Ti ọgbọ̀n táàgì ti kọjá o. Ní ìparí ọdún 2025, Instagram sọ ọ́ di márùn-ún péré fún àwòrán kan. Kí wọ́n tó ṣòfin ọ̀hún ni wọ́n ti ń gba àwọn ọlọ́jà nímọ̀ràn pé mẹ́ta sí márùn-ún ti tó.

Pééjì àwọn èèyàn ni mò ń bójú tó. Bí mo ṣe ń pín in ni pé ọ̀kan á jẹ́ orúkọ ìsọ̀, méjì á jẹ́ ti ọjà inú àwòrán, méjì á jẹ́ ti ìlú. Kí n tó gba táàgì kan wọlé, mo máa tẹ̀ ẹ́, mo máa wo àwòrán mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Ṣé ẹni tó ń ta irú ohun tí à ń tà wà níbẹ̀? Ṣé ará ìtòsí ni wọ́n? Ṣé tuntun ni, àbí ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti yà síbẹ̀? Tí ìdáhùn ò bá dáa, mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, fún ìró ẹlẹ́kọ, #adireeleko ni kí ẹ lò, ẹni tó tẹ ìyẹn mọ ohun tó ń wá. Tó bá jẹ́ oníko ni, ẹ pa á dà. Kámpálà náà, ẹ so aṣọ mọ́ ọn: #kampalafabric. Ùgáńdà á dín kù.

Ọlọ́fàdà Láfẹ́nwá
Tèmi ò jọ ti aṣọ. Ìrẹsì ọ̀fadà gbígbóná nínú ewé ni mò ń tà. Wọ́n ní owó wà l'Ékòó, ni mo bá fi #lagosfood sí i. Ẹnìkan pè mí láti Súrúlérè ní aago méjìlá ọ̀sán, ó ń fẹ́ abọ́ mẹ́jọ kí ó tó di aago kan. Mo ní Abẹ́òkúta ni mo wà. Èébú tí mo gbà lọ́jọ́ náà, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Látìgbà náà, ibi tí ọ̀kadà mi lè dé kí ọbẹ̀ tó tutù ni mò ń kọ.

Aláṣọ Ìbarà
Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Aṣọ kì í tutù, mo ń fi ránṣẹ́ sí Èkó láti gáréèjì. Ṣé kí n fi Èkó sí i?

Ọmọ Panṣẹ́kẹ
Mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn aláṣọ Èkó kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Màámi Kútọ̀
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń táàgì àwọn èèyàn o, àná ni ìyàwó àbúrò mi ní kí n yéé fi orúkọ òun sábẹ́ ata gígún. Mo sì ń fi àmì yín yẹn sí Status WhatsApp, ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Ọmọ Panṣẹ́kẹ
Màámi, ẹ kú iṣẹ́. Orúkọ èèyàn tí ẹ fi @ pè yàtọ̀ sí #. Ní Status, àwọn tó ní nọ́ńbà yín nìkan ló ń rí yín, táàgì ò lè mú àlejò wá. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ kọ iye owó ata síbẹ̀.

Aláṣọ Ìbarà
Ẹ jẹ́ n parí tèmi. Táàgì orúkọ ìsọ̀ ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. #Adire-Ibara ni mo kọ, mo tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá tí mo fi ń di aṣọ. Oníbàárà kan wọ tirẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó gbé fọ́tò sókè, ó fi táàgì náà sí i, mo wá a títí, mi ò rí i. Ìlà kékeré àárín yẹn ló gé e. #Adire nìkan ló dúró, ìyókù di ọ̀rọ̀ lásán. Mo pa á dà sí #AdireIbaraAbk, mi ò fi àmì ohùn kankan sí i, nítorí àwọn oníbàárà mi kì í tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ wá a wò bóyá ẹlòmíì ti ń lò ó. Kì í mú àlejò wá o, kí n má purọ́. Àmọ́ tí ẹnìkan bá ní kí n fi àwọn tó ti rán an han òun, ibẹ̀ ni mò ń ní kó tẹ̀.

Márùn-ún tí mò ń lò báyìí: orúkọ ìsọ̀, #adireeleko, #kampalafabric, #Abeokuta, #abeokutavendor. Mo ní ìwé kan lórí káńtà tí mo fi ń kọ ibi tí olúkúlùkù ti gbọ́ nípa mi. Lóṣù tó kọjá, àwọn mẹ́rin ní Instagram ni, mẹ́ta nínú wọn sì ń gbé Abẹ́òkúta níbí.

Bọ̀dá Fọ́tò, Ṣápọ̀n
Ṣé ẹ rí i! Táàgì ló ṣe é.

Aláṣọ Ìbarà
Ibẹ̀ ni mi ò ti dá lójú. Ọ̀sẹ̀ tí mo pa àwọn táàgì dà gan-an ni mo kọ "Adire Abeokuta" mọ́ orúkọ pééjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Ìbarà sínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán.

Ọmọ Panṣẹ́kẹ
Orúkọ pééjì yẹn gan-an ló lè mú wọn wá. Ọ̀gá Instagram fúnra rẹ̀, Adam Mosseri, ti sọ ọ́ pé táàgì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí èèyàn púpọ̀ sí i rí ọjà. Ẹ yọ táàgì ìlú méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá wo ìwé yín.

Aláṣọ Ìbarà
Pẹ̀lú Iléyá tó ń bọ̀ yìí? Ó di lẹ́yìn ọdún, àbúrò.