«Àjọtà» kò bá ọjà Cournot mu

Olùtumọ̀, Kútọnu: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ọrọ̀ ajé fún ọmọ ilé-ìwé girama ni mò ń túmọ̀. Ọjà tí ẹnì kan ṣoṣo ń tà, mo pè é ní «àdátà». Ti ẹni méjì, irú ti Cournot, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, mo pè é ní «àjọtà». Èyí tí olùtà rẹ̀ kò lóǹkà, mo pè é ní «ìdíje kíkan». Ṣé wọ́n ṣe é lò?

Olùkọ́ ìṣirò, Ògbómọ̀ṣọ́: «Àdátà» dára gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí «àjọtà» wọ ìwé yẹn. Ẹni tó bá ń jọ ṣe nǹkan ti fohùn ṣọ̀kan. Olórísun omi méjì ni Antoine Augustin Cournot fi ṣàpẹẹrẹ lọ́dún 1838, wọn kò sì bára wọn ṣàdéhùn kankan. Kálukú ló ń dá pinnu iye omi tó máa gbé wá, lẹ́yìn tó bá ti wo ti ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Q ni gbogbo ìgò tó dé ọjà, P ni owó ìgò kan. Ìgò kan ń ná olùtà ní fàráǹkì 10.

```
P = 130 - Q
```

Ká fi ẹnì kan ṣoṣo sídìí ẹ̀ ná. Èrè rẹ̀ lórí ìgò kan jẹ́ 120 - Q, ìgò Q ló sì tà. Ìdajì 120 ni èrè gbogbo ti máa ń pọ̀ jù: ìgò 60, owó 70, èrè 3,600.

Ẹnì kejì wá dé. Ó bá 60 nílẹ̀, 60 ló kù nínú 120, ó sì gbé ìdajì rẹ̀, 30. Bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe rí 30 yìí, ó mọ̀ pé tòun ti pọ̀ jù, ó dín in kù sí 45. Ẹnì kejì gbé tirẹ̀ lọ sí 37.5, ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sí 41.25. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ 40 nìyẹn. Tí kálukú bá ti wà ní 40, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ yí tirẹ̀ padà mọ́, torí pé tí a bá yọ 40 kúrò nínú 120, ìdajì ohun tó kù náà ni 40. Ìgò 80 ló dé ọjà, owó 50, kálukú jèrè 1,600.

Ẹ wá wo «àjọtà» yín. Tí wọ́n bá jọ tà á lóòótọ́, 30 ni kálukú máa gbé wá, owó á padà sí 70, kálukú á jẹ 1,800. Àdátà tí wọ́n pín sí méjì nìyẹn. Àmọ́ tí mo bá mọ̀ pé ẹ kò ní kọjá 30, èmi á gbé 45 wá. Owó á bọ́ sí 55, èmi á jẹ 2,025, ẹ̀yin á jẹ 1,350. Ìdí nìyẹn tí 30 àti 30 kì í fi í dúró.

Ìyá olómi, Ìbàdàn: Ẹ jẹ́ n dá sí i. Pìọ́ wọ́tà ni mò ń tà, àwa méjì péré la wà ládùúgbò. Èmi kì í ka àpò tí ẹnì kejì gbé jáde o, owó tó ń tà á ni mò ń wò. Ó dín, mo dín, títí ó fi di iye tó ná wa. Èrè wo ni kálukú wá ń jẹ? Ìgbà tí ẹgbẹ́ fi iye kan lélẹ̀ la tó mí.

Olùkọ́ ìṣirò: Òótọ́ lẹ sọ, mà, ọjà míì ni. Ohun tí Joseph Bertrand, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé míì, fi ta ko Cournot lọ́dún 1883 nìyẹn: bó bá jẹ́ pé owó ni kálukú ń dá lé, tí ọjà wọn kò yàtọ̀, ẹni méjì péré ti tó láti fà á wálẹ̀ dé 10. Ti Cournot dà bí ẹni tó já tòmátì lulẹ̀ láàárọ̀: ẹrù ti dé, iye tí ọjà bá pè é ló máa gbà. Ẹgbẹ́ yín tó fi iye lélẹ̀ gan-an ni «àjọtà».

Akẹ́kọ̀ọ́, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ̀gbọ́n, àárín «àdátà» àti «ìdíje kíkan» gan-an ni ọjà Cournot wà nígbà náà. «Ìdíje kíkan» sì tọ́, torí pé ìdíje ló ń mú owó wálẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò: Ó wà láàárín, kì í ṣe ní agbedeméjì. Níbi tí olùtà kò lóǹkà, ìgò 120 ló ń jáde ní 10, kò sì sí èrè lórí iye tó ná wọn. Agbedeméjì 70 àti 10 ni 40, ẹni mẹ́ta ló sì ń gbé owó débẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìgò 30. «Kíkan» ló ń rú mi lójú. Níbi tí èrò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni. O gbé tìrẹ dé, o bá iye nílẹ̀. Àwọn méjì yẹn ló ń ṣọ́ra wọn. Èmi á pe tiwọn ní «àwòtà», kí n pe ti ọ̀pọ̀ ní «ọjà èrò».

Olùtumọ̀: Mo ti yọ «àjọtà» kúrò. «Àwòtà» wọ̀ mí létí, àmọ́ ẹni mẹ́ta náà ń wora wọn. Níbo la máa fi «méjì» sí?

Ìyá olómi: Ẹ pè é ní «àwòtà ẹni méjì». Àmọ́ «ọjà èrò» yẹn, ọjà ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ni mo gbọ́ o.