Ìkànnì tí mo fẹ́ fi fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò

Ìyá Dèjì, Ajílóṣùn
Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, owó ilé rẹ̀ sì ti tó san. Mílíọ̀nù kan náírà ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Mo rí ìkànnì kan tó ní òun kì í gba owó iṣẹ́ rárá, ìràwọ̀ tí àwọn oníbàárà fún un sì lé ní mẹ́rin. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọn ò ní gbé owó mi lọ?

Bàbá Ìkéré
Ìyá wa, ẹ má da ara yín láàmú. Oṣooṣù ni àbúrò mi tó wà ní Kánádà ń fi owó ránṣẹ́ sí mi. Western Union ni. Mo máa ń mú nọ́ńbà tó fún mi àti káàdì ìdánimọ̀ dání lọ sí báńkì, wọ́n á sì kà á sí mi lọ́wọ́. Ẹ lo ìyẹn.

Ìyá Dèjì
Ẹ ṣé, sà. Ọ̀dọ̀ tiwa níbí ni owó tèmi ti ń jáde lọ o, kì í ṣe pé ó ń bọ̀.

Adé Kọ̀ǹpútà
Mà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìkànnì náà bóyá nọ́ńbà RC, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, wà níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ wá a lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí cbn.gov.ng, ẹ wo orúkọ àwọn IMTO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé owó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tí Báńkì Àpapọ̀ fọwọ́ sí. Tí orúkọ wọn bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi owó yín ránṣẹ́, kí ẹ lọ sùn.

Akọ̀wé Àná, Ìfàkì
Adé, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fara mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí owó ilẹ̀ òkèèrè ní báńkì. RC kò sọ ju pé ẹnìkan forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ta gàrí náà lè ní RC.

Àkójọ IMTO yẹn gan-an ló máa ṣi Ìyá lọ́nà jù. Láti oṣù kìíní 2024 tí Báńkì Àpapọ̀ ti tún ìlànà wọn kọ, owó tó ń wọ Nàìjíríà nìkan ni wọ́n láṣẹ láti gbé. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbé èyí tó ń jáde. Ilé-iṣẹ́ kan lè wà lórí àkójọ náà, kó máa ṣe dáadáa fún àbúrò Bàbá Ìkéré, síbẹ̀ kó má ní àṣẹ kankan láti gba náírà lọ́wọ́ yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìràwọ̀ yẹn. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ wọn, kí ẹ wo ibi tí ẹni tó kọ ọ́ wà nígbà tó fi owó ránṣẹ́. Ẹni tó fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ wá sí Adó tí inú rẹ̀ dùn, kò tíì sọ nǹkankan nípa ọ̀nà tiyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fún wọn ní ìràwọ̀ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi: kí ni wọ́n kọ nípa àṣẹ? Réètì wọn ńkọ́? Àkáǹtì ta ni wọ́n ní kí ẹ san náírà sí?

Ìyá Dèjì
Wọ́n ní FCA, àjọ tó ń mójú tó ilé-iṣẹ́ ìnáwó ní ìlú Òyìnbó, ló fọwọ́ sí àwọn, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Réètì wọn, 2,150 náírà sí pọ́n-ùn kan. Báńkì mi ní 2,040, wọ́n á sì gba 12,000 náírà owó iṣẹ́. Àkáǹtì yẹn, orúkọ obìnrin kan ni. Wọ́n ní aṣojú àwọn ni.

Mo ka ogójì nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà. Mẹ́ta péré ló fi owó ránṣẹ́ láti Nàìjíríà, méjì nínú wọn sì ń sunkún.

Akọ̀wé Àná, Ìfàkì
Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mílíọ̀nù kan náírà ní 2,150, pọ́n-ùn 465 ni yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní báńkì, ẹ yọ 12,000, ó ku 988,000. Ẹ pín in sí 2,040, ó di pọ́n-ùn 484. "Kì í gba owó iṣẹ́" yẹn ti jẹ pọ́n-ùn mọ́kàndínlógún, inú réètì ni wọ́n fi pamọ́ sí. Ohun kan wà o: báńkì tí owó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà lè yọ díẹ̀. Tó bá yọ pọ́n-ùn 15, 469 ló kù, àǹfààní náà ò wá pọ̀ mọ́. Lórí fọ́ọ̀mù báńkì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ OUR, SHA àti BEN sí. OUR ni pé ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo rẹ̀ níbí, kí owó ọmọ lè pé. Ẹ béèrè iye tó máa fi kún un.

Ní ti FCA, ẹ má tẹ líǹkì tó wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ fúnra yín kọ register.fca.org.uk, ẹ fi nọ́ńbà yẹn wá wọn. Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì àti fóònù tó wà níbẹ̀ bóyá ó bá tiwọn mu. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń jí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ gidi lò. Kódà tó bá bá a mu, àṣẹ ilẹ̀ Òyìnbó ni. Kò sọ ẹni tó láṣẹ láti gba náírà ní Adó.

Ọmọ Ìkọ̀lé, Mánṣẹ́sítà
Mà, ẹ sá fún àkáǹtì obìnrin yẹn. Ẹnìkan níbẹ̀ á gba náírà yín, ẹlòmíràn níbí á fi pọ́n-ùn sí àkáǹtì ọmọ. Ta ló mọ ibi tí pọ́n-ùn yẹn ti wá? Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Owó olówó tí wọ́n jí ni wọ́n fi san án fún mi. Báńkì mi ti àkáǹtì pa, mo ń tọrọ owó oúnjẹ fún oṣù méjì gbáko. Tí wọ́n bá kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ ní Cifas, àkójọ tí àwọn báńkì níbí fi ń ṣọ́ra fún gbájúẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, báńkì mìíràn ò sì ní fẹ́ gbà á.

Adé Kọ̀ǹpútà
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará báńkì náà, ẹ sọ òótọ́. Mo kọ Fọ́ọ̀mù A, èyí tí wọ́n fi ń béèrè owó ilẹ̀ òkèèrè ní báńkì, lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ẹni tó ni ilé máa dúró bí?

Akọ̀wé Àná, Ìfàkì
Òótọ́ ni, mi ò ní jiyàn. Tó bá jẹ́ ilé yunifásítì ni, ó rọrùn díẹ̀: ìwé owó tí yunifásítì kọ ni báńkì máa fi san án tààrà fún wọn. Tó bá jẹ́ ilé aládàáni, owó ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n máa kà á sí, ìbéèrè á sì pọ̀.

Ìyá Dèjì
Ilé aládàáni ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo FCA yẹn tán. Orúkọ ilé-iṣẹ́ bá a mu, ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo rí. Ọjọ́ Ajé ni mo máa lọ sí báńkì ní Fájùyì. Mo ti sọ fún Dèjì kó bẹ onílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò tíì fún mi lésì.

Bàbá Ìkéré
Ṣé ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ò lè bá yín gbé e padà lọ ni?