Páànù àti puláíwúùdù mélòó ni yóò tó ìsọ̀ mi?

Aláṣọ Mọ́níyà: Ẹ̀yin ará, mo ń kọ́ ìsọ̀ kan ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Inú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18 ní gígùn àti 12 ní ìbú. Òrùlé rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22 ní gígùn, àti 15 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, páànù mélòó ni kí n rà, puláíwúùdù mélòó ni yóò sì tó fún àjà?

Ọmọ Ọjà Pákó: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Páànù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 ni ẹ ó rí jù lọ lọ́jà, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Tí ẹ bá pín 22 sí mẹ́ta-mẹ́ta, páànù 8 ni yóò tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tó jẹ́ pé ìlà méjì ni yóò kúnjú òrùlé, páànù 16 ti tó yín.

Àgbà Káfíńtà: Àbúrò mi sọ òótọ́ lápá kan, nítorí pé ẹsẹ̀ bàtà 3 ni ìbú páànù nígbà tó ṣì wà ní pẹrẹsẹ, kí ẹ̀rọ tó tẹ òkè àti kòtò sí i lára. Tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó ti sún kì. Èyí tí mo fi téèpù wọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá jẹ́ íǹṣì 32. A kò sì ní lo gbogbo íǹṣì 32 yẹn, torí páànù kan gbọ́dọ̀ gun èkejì ní òkè kan àtààbọ̀, tó jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 4 àtààbọ̀. Páànù àkọ́kọ́ yóò bo íǹṣì 32, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó bá tẹ̀lé e yóò máa bo 27 àtààbọ̀ péré. Ẹsẹ̀ bàtà 22 jẹ́ íǹṣì 264. Páànù 9 yóò dé 252, omi yóò sì máa kán sí apá tó ṣẹ́ kù. Ẹ nílò 10.

Láti òkè dé ìsàlẹ̀, páànù méjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 1 gun ara wọn kí ó lè jẹ́ 15. Íǹṣì 6 ni ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń fi gun ara wọn, ṣùgbọ́n òrùlé tí kò dagẹ̀rẹ̀ púpọ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ a máa ti omi òjò padà sí òkè gba abẹ́ páànù. Ogún páànù nìyẹn, ìdì kan gan-an. Tí ẹyọ kan bá ya, kò sí àfikún, nítorí náà ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta ẹyọ kan sí i fún yín.

Ọ̀gá Bíríkìlà: Ẹ má fi puláíwúùdù lásán ṣe dẹ́kìn o! Omi kọnkéré yóò tú awẹ́ rẹ̀. Màríìnì bọ́ọ̀dù, mìlímítà 18, ni kí ẹ rà.

Aláṣọ Mọ́níyà: Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n kò sí dẹ́kìn nínú iṣẹ́ mi. Àjà ni mo fẹ́ fi ṣe.

Àgbà Káfíńtà: Àjà kò ṣòro. Puláíwúùdù tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Ẹ tò ó ní ìlà mẹ́ta, torí mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta ni ẹsẹ̀ bàtà 12 yín. Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò gba odindi méjì àti àjákù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 2. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ ó gé láti rí àjákù mẹ́ta náà, nítorí náà 7 ni gbogbo rẹ̀. Kọ́tà, ìyẹn mìlímítà 6, ti tó. Èyí tó nípọn jù ú lọ kàn ń di ẹrù lórí igi ni. Kí igi àjà jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà 2 láti àárín sí àárín, kí etí bọ́ọ̀dù méjì lè pàdé lórí igi.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìpọn tí olùtajà bá pè. Ẹ ní kí wọ́n to bọ́ọ̀dù mẹ́wàá léra, kí ẹ sì fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tí mìlímítà 6 bá jẹ́ òtítọ́, gíga rẹ̀ yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6. Tí ó bá jẹ́ 5, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń tà fún yín.

Aya Tíṣà: Ẹ̀yin ń wọn pákó, èmi ni kí ẹ bi léèrè nípa páànù lọ́ńgísípáànù. Mo san owó èyí tó nípọn tó mìlímítà 0.55, àmọ́ nígbà tí ọmọ mi fi ohun èlò ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọ̀dà lára, 0.47 mìlímítà ló jẹ́. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 lọ, torí wọ́n lè gé e ní odindi bí òrùlé bá ṣe gùn tó. Tiyín yóò jẹ́ nǹkan bíi mítà 4.6, kò sì ní sí ojú ìgunra tí omi lè gbà wọlé láàárín.

Ọmọ Ọjà Pákó: Mo gbà pé mo ṣìrò ìbú rẹ̀ lọ́nà àìtọ́. Ṣùgbọ́n 0.45 ni èmi yóò rà fún ìsọ̀ kékeré.

Àgbà Káfíńtà: Káfíńtà tí yóò gùn ún láti tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú lè má fara mọ́ ọn. Páànù tó fẹ́lẹ́ a máa jìn lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ọmọ Ọjà Pákó: Kí ó máa tẹ ibi tí igi wà, bàbá.